Owó inṣọ́ránsì tó jẹ́ ti ọmọ kékeré: lẹ́tà tí gádíàn máa kọ, àti ìwé tó máa fi hàn pé òfin fún un láṣẹ (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Ẹ̀yin gádíàn, ìyẹn ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ, tẹ́ ẹ ń bi mí nípa owó inṣọ́ránsì tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ kékeré sí, mo ti kó ìbéèrè yín jọ síbí. Ìdí klémù, ìyẹn bíbéèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ni mo ti ń jẹun, torí náà ojú tí wọ́n fi ń wo ìwé yín lọ́hùn-ún ni mo máa fi dáhùn. Nàìjíríà ni mo ń sọ, àwọn ará òkè òkun ní ìbéèrè kan tiwọn nísàlẹ̀.

Kó má bàa dàrú mọ́ wa lójú, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo lò. Bàbá kan ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì l'Ékòó, ó kú. Ìyàwó ẹ̀ ti kú ṣáájú ẹ̀. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò bàbá náà obìnrin ló mú ọmọ lọ sílé ẹ̀ n'Íbàdàn. Nínú fọ́ọ̀mù tí bàbá kọ níbi iṣẹ́, ó ní kí ọmọ gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìyá òun gba ìdá 30. Àǹtí yìí ló fẹ́ kọ lẹ́tà.

Owó wo gan-an là ń sọ, ṣé owó pẹ́ńṣọ̀n ni?

Rárá o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà bá mú ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, gúrúùpù láìfù là ń pè é, owó náà ò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Gbogbo owó, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kì í ṣe owó oṣù tó wà lókè lásán, àlááwàǹsì náà wọ̀ ọ́. Ká ní bàbá yìí ń gba ₦200,000 lóṣù tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ₦2,400,000 nìyẹn lọ́dún, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ ₦7,200,000. Ti ọmọ jẹ́ ₦5,040,000, ti ìyá àgbà jẹ́ ₦2,160,000.

Owó tó ń kó jọ sínú akáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ míì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ náà yàtọ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì sọ fún yín pé àwọn ò san owó inṣọ́ránsì lọ́dún yẹn, ẹ má kàn gbé àpò yín kẹ́ ẹ máa lọ o, òfin yẹn kan náà ló ní bí agbanisíṣẹ́ ò bá san án nígbà tó yẹ, òun ló máa wá bí owó ẹni tó kú ṣe máa jáde.

Orúkọ ọmọ ló wà nínú fọ́ọ̀mù, èmi ni mò ń bọ́ ọ, kí ló dé tí wọn ò kàn san án fún mi?

Torí pé owó náà kì í ṣe tiyín, ọmọ tó sì ni ín ò tíì pé ọdún 18. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì tó bá fẹ́ sanwó gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó lè fọwọ́ sí i kó sì múlẹ̀, pé ó ti gbowó, ó ti parí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá san án fún ẹnikẹ́ni tó kàn wọlé wá tó ní òun ń tọ́ ọmọ, tí ọmọ bá dàgbà tó ní òun ò rí kọ́bọ̀, ó lè pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kí wọ́n tún un san. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ìbéèrè kan ló wà nídìí ẹ̀: ta ló fún yín láṣẹ láti gbowó ọmọ yìí?

Mo ti ṣe àfídáfítì ní kọ́ọ̀tù, ẹbí sì ti kọ ìwé pé èmi ni kí n máa tọ́jú ọmọ, báálẹ̀ wa fọwọ́ sí i. Ṣé kò tó ni?

Ibí ni ọ̀pọ̀ klémù ti ń dúró. Àfídáfítì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ búra pé ẹ̀yin ni gádíàn, akọ̀wé kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀ sí i pé òun gbọ́ tẹ́ ẹ búra, ó tán. Adájọ́ kankan ò yẹ̀ ẹ́ wò. Òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù tó wà lára ẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á ní kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ọ̀tù ò sọ nǹkan kan.

Ìwé ẹbí wúlò, mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ó ń fi hàn pé ẹbí ò bára wọn jà, ó sì máa ràn yín lọ́wọ́ níwájú adájọ́. Àmọ́ kò lè dípò àṣẹ. Nígbà tí owó bá kéré gan-an, ilé iṣẹ́ kan lè fojú fo àwọn nǹkan kan kí wọ́n sì gbà á, ìyẹn wà lọ́wọ́ wọn, ẹ ò lè fi dandan mú wọn. Owó mílíọ̀nù márùn-ún ọmọ òrukàn, tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, wọ́n máa béèrè ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù.

Kọ́ọ̀tù wo? Kí ni mo máa béèrè níbẹ̀?

Kọ́ọ̀tù ìdílé tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dá sílẹ̀ ni. Ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ti ní tiwọn, èyí tí wọ́n ń lò níbi tí ọmọ ń gbé lẹ máa bá ṣiṣẹ́. Ọmọ tiwa yìí ń gbé Ìbàdàn, nítorí náà Ọ̀yọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni bàbá ti ṣiṣẹ́. Lọ́yà máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, á so sátífíkéètì ìbí ọmọ mọ́ ọn, àti sátífíkéètì ikú bàbá àti ti ìyá, torí adájọ́ fẹ́ mọ̀ pé òbí kankan ò sí láyé. Ìwé ẹbí yẹn máa tẹ̀ lé e. Wọ́n lè rán ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà wá wo ilé tí ọmọ ń gbé kó tó padà wá jábọ̀. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá lọ́yà sọ kó tó fi ìwé sílẹ̀ ni pé kó béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ adájọ́, kó má ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi yín ṣe gádíàn ọmọ náà àti ti ohun ìní ẹ̀. Ìkejì, kí wọ́n fún yín láṣẹ láti gba owó inṣọ́ránsì náà lórúkọ ọmọ, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á. Ìdí ni pé àwọn kan máa ń mú ìwé àṣẹ wá tó sọ pé kí wọ́n máa tọ́ ọmọ, kí wọ́n rán an níléèwé, kí ó máa bá wọn gbé, kò sí owó níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò á ní, èyí dáa fún ọmọ, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n kówó fún yín. Wọ́n á tún padà sí kọ́ọ̀tù, owó lọ́yà ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ gba ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù jẹ́rìí sí, CTC tí àwọn lọ́yà máa ń pè é, kẹ́ ẹ gbà ju ẹyọ kan lọ. Fótókọ́pì lásán ò ní wọlé.

Èmi ni ìyá ọmọ, mo wà láyé, bàbá ẹ̀ ló kú. Ṣé èmi náà máa lọ bá adájọ́ kí n tó lè gba owó ọmọ tí mo bí?

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí bàbá bá kú tí ìyá sì wà, ìyá ni gádíàn. Ẹ̀rí yín ni sátífíkéètì ìbí ọmọ tí orúkọ yín wà nínú ẹ̀. Kódà bí ẹ̀yin àti bàbá ò ṣègbéyàwó, ẹ̀yin ṣì ni ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ẹbí bàbá fi ìwé ìgbéyàwó tí kò sí dẹ́rù bà yín, sátífíkéètì ìgbéyàwó kọ́ ló so yín pọ̀ mọ́ ọmọ. Àmọ́ ẹ yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò. Bí bàbá bá ti yan gádíàn míì sínú ìwé ìhágún, ẹ̀yin àti onítọ̀hún lẹ jọ máa ṣe é. Bí ẹbí bá sì ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì pé àwọn ò gbà, wọ́n máa dá owó náà dúró títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀, ẹ kúkú lọ gba àṣẹ náà kíákíá.

Brọ̀dá wa àgbà ti gba létà àdìmínísítréṣọ̀n lórí gbogbo ohun ìní olóògbé. Ṣé òun kọ́ ló yẹ kó gbowó náà?

Kò kàn án. Létà yẹn fún un láṣẹ lórí ogún, ìyẹn ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀. Inṣọ́ránsì tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á sí kò gba inú ogún kọjá, ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ ló ń lọ tààrà. Tí bàbá ò bá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, ìgbà yẹn ni wọ́n máa béèrè létà àdìmínísítréṣọ̀n, tó bá sì jẹ́ pé ọmọdé wà lára àwọn tó máa jogún, ẹni tí kọ́ọ̀tù máa fún gbọ́dọ̀ tó méjì, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ pé orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà.

Ó dáa, kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà?

Lẹ́tà náà ò ní láti gùn. Ẹ má ṣàlàyé bí olóògbé ṣe ṣàìsàn, bí ẹ ṣe ná owó ìsìnkú, bí ayé ṣe le. Ẹni tó máa kà á ń wá nǹkan mẹ́rin: ẹni tó kú, ọmọ tó ni owó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, àti ohun tó fún yín láṣẹ. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún àǹtí wa yìí rèé, ẹni tó bá máa bá yín tẹ̀ ẹ́ lè gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì:

*Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Klémù, (orúkọ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì).*

*Klémù owó inṣọ́ránsì ẹ̀mí olóògbé (orúkọ ní kíkún), òṣìṣẹ́ (orúkọ kọ́ńpìnnì), nọ́ńbà inṣọ́ránsì (nọ́ńbà).*

*Èmi (orúkọ mi ní kíkún) ti (àdírẹ́sì) ń kọ lẹ́tà yìí gẹ́gẹ́ bíi gádíàn (orúkọ ọmọ ní kíkún), ọmọ tí wọ́n bí ní (ọjọ́ ìbí), tí kò tíì pé ọdún 18. Mi ò béèrè nǹkan kan fún ara mi.*

*Bàbá ọmọ náà kú ní (ọjọ́). Ó yan ọmọ yìí láti gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó inṣọ́ránsì ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé owó oṣù ẹ̀ tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí ṣe fi hàn, ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan ẹ̀ jẹ́ ₦7,200,000, ìpín ọmọ sì jẹ́ ₦5,040,000.*

*Kọ́ọ̀tù ìdílé ní Ìbàdàn fi mí ṣe gádíàn ọmọ náà àti ohun ìní ẹ̀ ní (ọjọ́), nọ́ńbà ẹjọ́ (nọ́ńbà). Ẹ̀dà àṣẹ náà tí kọ́ọ̀tù jẹ́rìí sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àṣẹ náà ṣì múlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì yí i padà.*

*Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ san ìpín ọmọ náà sí akáǹtì tí mo ṣí lórúkọ ẹ̀ ní (báńkì, nọ́ńbà akáǹtì). Bí ìwé kan bá kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.*

*(Ìfọwọ́sí) Orúkọ mi, gádíàn fún (orúkọ ọmọ), ọmọdé.*

Ìlà tó wà lábẹ́ ìfọwọ́sí yẹn kéré lójú, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ rí i pé mi ò dárúkọ ìpín ìyá àgbà rárá. Ìyá àgbà dàgbà, ó máa kọ tiẹ̀. Àwọn kan á fẹ́ kó méjèèjì pọ̀ sínú lẹ́tà kan kó lè yá, àṣìṣe ni, torí tí wàhálà bá dé bá ọ̀kan ó máa dá èkejì dúró.

Ìwé wo ni mo máa so mọ́ ọn?

Sátífíkéètì ikú láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ ìjọba tó ń ka iye èèyàn, àti ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tó pa á. Sátífíkéètì ìbí ọmọ. Ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù. NIN yín àti ti ọmọ. Ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. Lẹ́tà agbanisíṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ àwọn ni títí tó fi kú. Fọ́ọ̀mù klémù tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn máa fún yín. Tó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ ló pa á, ìjábọ̀ ọlọ́pàá. Ojúlówó ẹ máa mú lọ kí wọ́n fojú rí i, ẹ̀dà lẹ máa fi sílẹ̀. Kí ẹ̀dà lẹ́tà kejì wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí i pé àwọn gbà á. Bí ẹ bá fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́.

Orúkọ ọmọ nínú fọ́ọ̀mù bàbá ẹ̀ yàtọ̀ sí ti sátífíkéètì ìbí.

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Bàbá kọ Ayọ̀ sí fọ́ọ̀mù, Ayọ̀mídé ló wà lórí sátífíkéètì, tàbí kó kọ orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọmọ. Ibi tí àfídáfítì ti wúlò nìyí o: ẹ búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ìwé iléèwé ọmọ tì í lẹ́yìn. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó lọ sí kọ́ọ̀tù ìdílé, kí orúkọ méjèèjì lè jáde nínú àṣẹ adájọ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí àṣẹ jáde lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ẹ ti ní orúkọ mẹ́ta tí kò bára mu nìyẹn.

Wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Dísíṣáàjì fáúṣà nìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ gba iye báyìí, ọ̀rọ̀ sì ti parí láàárín yín. Ẹ má fi ìkánjú fọwọ́ sí i. Ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ká ní iye tí àǹtí wa bá níbẹ̀ jẹ́ ₦2,520,000 dípò ₦5,040,000, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦2,520,000 jẹ́ ìdá 70 nínú ₦3,600,000, ₦3,600,000 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ₦1,200,000, ìyẹn ₦100,000 lóṣù. Wọ́n ti yọ àlááwàǹsì kúrò, owó oṣù ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣírò, tàbí kó jẹ́ pé iye yẹn ni agbanisíṣẹ́ kọ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fi ìwé owó oṣù kọ lẹ́tà padà sí àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín sọ pé ó pé, owó ọmọ ọlọ́mọ lẹ sì fi tọrẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orúkọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ń fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi gádíàn fún ọmọ. Bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Wọ́n kàn ń sọ pé kí n máa bọ̀ lọ́la.

Ẹ dẹ́kun àtimáa lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ pé lẹ́tà yín dé ọwọ́ wọn ní déètì báyìí, gbogbo ìwé ti pé, kí wọ́n sọ fún yín lórí ìwé bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà, àti ìdí ẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, NAICOM tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn, ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí yẹn lẹ máa mú lọ. Bí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì bá sì ní òun máa bá yín ti fáìlì náà kẹ́ ẹ fún òun ní díẹ̀ nínú owó, ẹ mọ̀ pé owó ọmọ òrukàn ló ń fẹ́ jẹ.

Nígbà tí owó bá wọlé, ṣé mo lè fi san owó iléèwé ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àṣẹ adájọ́ ò bá dá yín lẹ́kun. Iléèwé, oògùn, oúnjẹ ọmọ náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kí ẹ fi tún ilé ẹbí ṣe tàbí kẹ́ ẹ yá àbúrò yín, ìyẹn ò sí níbẹ̀, kọ́ọ̀tù lè pè yín kẹ́ ẹ wá ṣírò owó. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú akáǹtì tiyín rárá. Èyí tí ẹ ò ní ná lọ́dún yìí, èmi máa ń dábàá bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń tà, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé ẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ lè fi èlé yẹn san táàmù kan.

Amẹ́ríkà ni bàbá ẹ̀ kú sí, ọmọ wà lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn.

Òfin ibi tí inṣọ́ránsì náà wà ni wọ́n máa tẹ̀ lé. L'Ámẹ́ríkà, wọ́n ń ya gádíàn tó ń tọ́ ọmọ sọ́tọ̀ sí gádíàn tó ń bójú tó owó ẹ̀, èyí kejì ni ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì máa ń béèrè, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù ibẹ̀ sì máa ń ní kí onítọ̀hún fi ohun ìdúró sílẹ̀ kó má bàa jẹ owó náà. Àṣẹ kọ́ọ̀tù Ìbàdàn lè ràn yín lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó má tó. Bí bàbá bá ti yan ẹnì kan sínú fọ́ọ̀mù láti bá ọmọ mú owó náà dání lábẹ́ òfin UTMA, onítọ̀hún máa ń lè gbà á láìlọ bá adájọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Nílẹ̀ England, òfin àwọn ọmọdé ti 1989 fún òbí àti gádíàn tó ní ẹrù iṣẹ́ òbí lórí ọmọ láyè láti gba ohun tó jẹ́ ti ọmọ.

Ọmọ náà ti pé ọdún 17 àti ààbọ̀. Ṣé kí n ṣì lọ gba àṣẹ?

Ẹ kọ lẹ́tà báyìí kí wọ́n mọ̀ pé klémù wà, kẹ́ ẹ so sátífíkéètì ikú àti ti ìbí mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹjọ́ tó parí, ọmọ lè ti pé 18, òun fúnra ẹ̀ á fọwọ́ sí fáúṣà, owó á sì wọ akáǹtì tiẹ̀. Àfi tí owó iléèwé bá ń jó yín lẹ́sẹ̀ báyìí ni mo fi máa ní kẹ́ ẹ pe lọ́yà.